Ààbọ̀, ìdajì àbí ìlàjì: ọ̀rọ̀ abẹ́ ṣíbí iyọ̀

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta:
"Ẹ̀yin àgbà, à ń ya àwòrán-àlàyé nípa omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ládùúgbò. Mo kọ 'ààbọ̀ṣíbí' sí abẹ́ àwòrán ṣíbí iyọ̀. Ẹnìkan ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Ṣé ó tọ̀nà?"

Olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà:
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Kì í ṣe pé ọ̀dọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ló ń bí mi nínú, bí kò ṣe pé ó lẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ níbi tí èdè ti fi àyè sáàárín wọn. Ẹ̀yìn òǹkà ni ààbọ̀ ti fìdí múlẹ̀ jù lọ: kan ààbọ̀, méjì ààbọ̀, ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Bí etí ọmọ Yorùbá bá gbọ́ ọ, odidi tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń wá. Ẹ wá wo àwòrán náà. Odidi ṣíbí kan wà lókè, ààbọ̀ṣíbí wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì ń kà á láti òkè wá yóò kà á sí ṣíbí kan ààbọ̀. Kí ó kọ "ìdajì ṣíbí", kí ó sì fi àyè sáàárín.

Ọmọ Aké:
Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Òǹkà wo ló ṣáájú ààbọ̀ níbẹ̀? Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859 kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tuntun. Ìdajì tí ẹ mú wá gan-an ló ń já mi láyà, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ pátákó kì í fi àmì ohùn sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ láìlámìí, ìdájí ni ìyá ọmọ lè kà, yóò sì gbà pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kí òun fún ọmọ ní iyọ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ ààbọ̀ṣíbí, ẹ kọ ìlàjì, ẹni tó là á sí méjì kò ní ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé n kò mọ ibi tí ìdajì iyọ̀ ti wá. Ìgò bíà kan, ṣíbí iyọ̀ kan àti ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ìyá wa, orí wa ni wọ́n sì ti lò ó.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Láfẹ́nwá:
Ẹ kú àtúnṣe èdè. Èmi rò pé omi ni ẹ ń bi wá bóyá kó jẹ́ ààbọ̀, nítorí ibẹ̀ ni èmi ti kọsẹ̀. Wọ́n ya ìgò kan sára ògiri ibùdó ìlera kan tí mo lọ, wọn kò sì kọ bí ó ṣe tóbi tó. Ìgò ike tó wà nílé ni mo lò, sẹ̀ǹtílítà 75 péré ló gbà, mo sì da gbogbo iyọ̀ tó yẹ fún lítà kan sínú rẹ̀. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tu ú jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó tọ́ ọ wò ló ní kí n dà á nù.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Òkè-Ìlẹ̀wọ́:
Ìyá wa ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wá. Òṣùwọ̀n ni ọ̀rọ̀ yìí, kí ó tó di ọ̀rọ̀ èdè.

Ọmọ Aké kò purọ́. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí kékeré tó gba mílílítà 3 ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n nígbà náà, ìgò bíà tó gba sẹ̀ǹtílítà 60 sì ni. Ṣíbí tíì tí à ń lò lónìí gba mílílítà 5. Bí ìyá kan bá fi ṣíbí òde òní wọn iyọ̀ àtijọ́ sínú ìgò yẹn, iyọ̀ náà yóò pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Yúníséfù dín iyọ̀ inú egbòogi ìpòmómi tó ń wá nínú sáṣẹ́ẹ̀tì kù. Egbòogi yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí òkè pátákó, nítorí pé ìgbà tí kò bá sí ni à ń po tilé. Ti ilé ni lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo ṣíbí náà dọ́gba lórí.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ti olùkọ́ lẹ́yìn. Kan ààbọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìdajì. Ọmọ tó ti pàdánù omi ara, tí a tún fún ní ìlọ́po mẹ́ta iyọ̀, òùngbẹ yóò máa gbẹ ẹ́ sí i, gìrì sì lè mú un. Nítorí náà, ẹ ya ẹnu tó ń tọ́ omi iyọ̀ wò kí ṣúgà tó wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì ya ojú tó ń sunkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, dídànù ni.

Ní ti ṣíbí, ọjà Kútọ̀ ló ń bá wa jà. Ẹni tó ń wọn gàárì ní kóńgò mọ̀ pé èyí tó lérí ni ó dára, yóò sì tún bèèrè ènì lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ya ṣíbí lásán, tiẹ̀ yóò lérí. Ẹ ya ọ̀bẹ tó ń gbá orí iyọ̀ dànù. Ẹ má sì gé ṣíbí fúnra rẹ̀ sí méjì nínú àwòrán, ṣíbí tó ṣẹ́ ni wọn yóò rí. Ní ti omi, ẹ ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì, tí a kọ sẹ̀ǹtílítà 50 sí lára, lítà kan nìyẹn.

Mo sì ní àbá kan tí kò ní nílò ìdajì rárá: ọ̀rá mẹ́rin, ṣíbí ṣúgà méjìlá, ṣíbí iyọ̀ kan.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Láfẹ́nwá:
Ìyá nọ́ọ̀sì, lítà méjì fún ọmọ kan? Ẹ ti kọ́ wa pé lẹ́yìn wákàtí 24 kí a da ìyókù nù. Ṣúgà ti wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́ èdè, Ìbarà:
N kò ní jẹ́ kí ìlàjì kọjá báyìí. A ń sọ pé ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. Ìdajì bá wọn ṣe ọ̀kan, ó sì jẹ́ òṣùwọ̀n. Ohun tí a fi ọwọ́ pín ni ìlàjì. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìdájí, kí ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀.

Ọmọ Aké:
Bí ó bá bá wọn ṣe ọ̀kan, níbo ni ohùn òkè orí "dá" wọlé sí nínú ìdajì? Ó wà ní ìdámẹ́ta, ó wà ní ìdámẹ́rin. Ẹ dá mi lóhùn lórí èyí kí ẹ tó lé ìlàjì jáde.

Ayàwòrán, Ìtòkú:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ ààbọ̀ṣíbí kúrò. Mo ti ya ti lítà kan, mo ya ti lítà méjì, mo sì kọ ìdajì pẹ̀lú àmì ohùn lórí ti àkọ́kọ́. Lọ́la ni n ó kó àwọn méjèèjì lọ sí Láfẹ́nwá. N kò ní ṣàlàyé ohunkóhun. N ó kàn gbé ṣíbí, iyọ̀ àti omi síwájú àwọn ìyá níbẹ̀, kí wọ́n po ohun tí wọ́n bá rí nínú àwòrán lójú mi.