Ẹ sọ ìrírí yín: nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kò lè pe orúkọ yín

Gbémi, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú ilé o. Olúwagbémisọ́lá lorúkọ mi, Ọnàsànyà ni ti bàbá mi. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí Zoom. Obìnrin tó ṣíwájú wọn bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi, ó dúró lẹ́yìn "Olu", ó ní kí n máà bínú, ló bá pa á tì. Títí a fi parí, kò pe orúkọ mi mọ́. Ó dùn mí gan-an, torí odidi wákàtí kan ni mo fi bá a sọ̀rọ̀.

Ni mo bá lọ gbohùn orúkọ mi sílẹ̀ lórí LinkedIn. Orí fóònù nìkan lẹ ti lè ṣe é, nínú áàpù wọn, níbi tí ẹ ti ń tún ojúewé yín ṣe: "Name pronunciation". Ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni wọ́n fún yín. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti gba àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, mo sì sáré pè é bí a ṣe ń pe ara wa nílé. Ọ̀rẹ́ mi tó gbọ́ ọ ní òun ò mọ ibi tí orúkọ kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀.

Mo tún un ṣe ní ìdájí, nínú yàrá, mo jẹ́ kí fóònù jìnnà díẹ̀ sẹ́nu. Mo kọ́kọ́ pè é bó ṣe yẹ. Mo tún pè é díẹ̀díẹ̀: Olúwa, gbé, mi, sọ́lá. Mo dúró díẹ̀, mo pe Ọnàsànyà, mo wá fi Òyìnbó sọ pé kí wọ́n máa pè mí ní Gbémi. Ó wọ inú àáyá 10 náà gééré. Ọkùnrin tó pè mí lẹ́yìn náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun gbọ́ ọ kó tó dé orí ìpè. "Gb" rẹ̀ kò pé, ṣùgbọ́n Gbémi ló pè mí.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé kí n fi àmì sí orúkọ mi lórí ìwé ìwáṣẹ́?

Kúnlé, Ṣàgámù
Kí lẹ ń gbohùn sílẹ̀ fún? Ẹ ṣáà kọ ọ́ sínú àpótí orúkọ yín gan-an: BAY-mee. Èmi ò rí i pé ẹnikẹ́ni ń tẹ ohùn yẹn.

Àǹtí Bọ̀sẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́
Mo ti gba ènìyàn síṣẹ́ fún ọdún 12. Kúnlé, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ wa kì í dé ojúewé yín; inú ìwé ìwáṣẹ́ la ti ń rí yín. Ṣùgbọ́n Bémi kì í ṣe Gbémi. Èdè Òyìnbó kò ní "gb", ìdí nìyẹn tí ohùn fi ṣe é, tí ìwé kò lè ṣe é tán. Ẹ má sì kọ ìtọ́ni sínú àpótí orúkọ, torí ẹni tó bá wá orúkọ yín lè má rí yín. Abala "About" ló yẹ ẹ́.

Gbémi, ní ti àmì: "ọ" nìkan ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní, "ọ" ni, tí wọ́n gbé àmì lé lórí. Ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù mìíràn ti ń yí i padà sí àmì ìbéèrè. Ẹ da orúkọ náà kọ láti inú PDF yín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ìkọ̀wé lásán. Bó bá fọ́ níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó fọ́ lọ́dọ̀ tiwa náà. Lórí fọ́ọ̀mù, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, bó ṣe wà lórí ìwé ẹ̀rí yín. Lórí ìwé ìwáṣẹ́, ẹ kọ ti aláìlámì gàdàgbà, kí ẹ wá kọ sábẹ́ rẹ̀:

```
Olúwagbémisọ́lá (oh-LOO-wah-GBAY-mee-SAW-lah)
```

Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ jọ̀ọ́, Odusanya ló wà lórí ìwé ẹ̀rí mi, Oduusanya lórí NIN. Ṣé tí mo bá gbohùn sílẹ̀, wọ́n á gbà pé ọ̀kan náà ni?

Àǹtí Bọ̀sẹ̀, Ìkẹ́nnẹ́
Rárá o, Bàbá. Ohùn kò lè ṣe àtúnṣe ìwé. Ọ̀dọ̀ àwọn NIN ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè.

Tóyọ̀sí, Àgọ́-Ìwòyè
Èmi ò fara mọ́ gígé orúkọ kúrú. Ìyá bàbá mi ló sọ mí ní Olúwatóyọ̀sí. Mo gbohùn rẹ̀ lódindi, n kò fi ìkékúrú kankan kún un. Àwọn kan ṣì ń pè mí ní Olu, mo sì ń tún un sọ fún wọn.

Gbémi, Ìjẹ̀bú-Òde
Tóyọ̀sí, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n Gbémi ni wọ́n ń pè mí nílé láti kékeré. Kì í ṣe torí Òyìnbó ni mo ṣe gé e. Àǹtí, mo ti dán PDF náà wò. Àmì orí "ọ́" já bọ́ sórí "l" tó tẹ̀ lé e. Mo ti yí irú lẹ́tà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ padà, mo ń dán an wò lẹ́ẹ̀kejì báyìí.