Ìkìlọ̀ tó gbẹ̀yìn iṣẹ́

Ọ̀gá Lábù: Ìlànà tí a fi ń po bílíìṣì tí a fi ń nu tábìlì lábù wa, ìpínrọ̀ gbọọrọ kan ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló tó sọ pé a kò gbọdọ̀ lo ike tó ti gba ásíìdì ìfọ-ilé-ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kan ń kà á, ó sì ń ṣe é lọ bó ṣe ń kà á. Kó tó kan ìkìlọ̀, gáàsì kílórínì ti ń ta á nímú. Ikọ́ ló wú mọ́jú. Ọmọ náà ò ṣìṣe o, ohun tí ìwé wí ló ṣe.

Ni mo bá tú u palẹ̀. Ohun èlò ló ṣáájú, mi ò sì kọ “bílíìṣì” lásán mọ́. Mo kọ bílíìṣì 3.5%, torí ìwọ̀n rẹ̀ kan sí omi mẹ́fà ló ń di 0.5% tí a fẹ́. Bó bá jẹ́ 5% ni wọ́n rà dé, omi mẹ́sàn-án ló gbà. Ẹ wo àárín rẹ̀:

ÌKÌLỌ̀: Má lo ike tó ti gba ásíìdì tàbí amóníà. Gáàsì olóró ni yóò yọ.
4. Wọn omi mílílítà 600 sínú ike.
5. Wọn bílíìṣì mílílítà 100 sí i.
ÀYẸ̀WÒ: Ṣé ó dé ìlà 700? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dà á nù, padà sí 4.

Màmá Nọ́ọ̀sì: Òkè ìwé la kó gbogbo ìkìlọ̀ tiwa sí, pẹ̀lú yíǹkì pupa. Ó ti tó.

Ọ̀gá Lábù: Ẹ ṣé, mà. Ìbọ̀wọ́, tó kan iṣẹ́ látòkè délẹ̀, lè wà lókè. Àmọ́ ẹni tó ka ìkìlọ̀ mẹ́sàn-án ti gbàgbé ìkeje kó tó dé ìgbésẹ̀ 12.

Alágbàfọ̀: Ṣé 0.5% yẹn ò ní ba aṣọ aláwọ̀ jẹ́?

Ọ̀gá Lábù: Á bà á jẹ́ o! Tábìlì là ń sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀gbọ́n, “rí i dájú pé ó pé” ni mo kọ síbi àyẹ̀wò tèmi. Gbogbo wọn kàn ń fa ìlà sí i ni. Mo wá ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí ojú wọn rí. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àfi bí mo ṣe rí ọjọ́ márùn-ún tí bírò kan náà kọ, 700, 700, títí dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá Lábù: Ó ti ṣe mí rí. Mo gbé ìwé náà fún ẹni tí kò ṣe é rí, mo jókòó, mi ò sọ̀rọ̀. Níbi àyẹ̀wò tó tẹ̀lé ìgbésẹ̀ 5 ló dúró, ó ń yí ike náà wò. Ìlà ike wa ò kọjá 500! Wọ́n kàn ń kọ 700 ni. Mo ti wá fi “ike onílìtà kan, tó ní ìlà” kún ohun èlò.

Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹlòmíì ló ń fọwọ́ sí àyẹ̀wò tiwa, kí irọ́ má baà wọ̀ ọ́. Àmọ́ lóru, ẹnì kan péré ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́. Ta ni kó fọwọ́ sí i nígbà yẹn?