Báwo ni kí n ṣe máa gba owó ìdúró lórí ìlà?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo máa ń bá àwọn tí kò ráyè jíṣẹ́ káàkiri Èkó. Ọjà rírà ní Balógun kò dà mí láàmú: oníbàárà á fi owó ránṣẹ́ ṣáájú, èmi náà á ya fọ́tò ọjà àti rìsíìtì kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìlà ló ń jẹ mí níyà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan ní kí n bá òun gba ìwé ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. ₦5,000 la jọ sọ, owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo débẹ̀ ní aago méje àárọ̀, nọ́ńbà 64 ni wọ́n fún mi. Nígbà tó yá, nẹ́tíwọ̀kì lọ. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo tó jáde. Ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ jẹ ₦2,200, torí náà ₦2,800 ni mo fi wákàtí mẹ́jọ gbà, iṣẹ́ méjì míì sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí wọ́n fi ₦1,500 kún un, wọ́n ní a ò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, a ò sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ń rò ó pé kí owó àkọ́kọ́ kárí wákàtí méjì péré, kí n wá pe oníbàárà bóyá kí n dúró sí i, ní ₦700 fún wákàtí kan. Ṣé fọ́tò nọ́ńbà ìlà tó láti fi ṣe ẹ̀rí pé mo dúró? Bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì lọ tí ìwé kò jáde, ta ló yẹ kó ru owó ọjọ́ yẹn?