Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí agbedeméjì: 11.21 ni

“Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí agbedeméjì fi jẹ́ 11.57 lọ́wọ́ mi, tí olùkọ́ ọmọ mi sì kọ 11.21?”

Ẹ ṣé gan-an. Mo tún un ṣe ní Kétu níbí láàárọ̀ yìí, ó sì bọ́ sí i.

Máàkì 1–5, ọmọ 6. 6–10, ọmọ 12. 11–15, ọmọ 14. 16–20, ọmọ 8. Gbogbo wọn jẹ́ 40. Ọmọ 18 ti wà kí a tó dé 11–15, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹni ogún, ìdajì 40, bọ́ sí. Ohun tí mo ṣì ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti 11, mo sì ka fífẹ̀ ọ̀wọ́ náà sí 4. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní Sábẹ̀ẹ́ ní kí n wo àlàfo àárín 10 àti 11: 10.5 ni ààlà, fífẹ̀ sì jẹ́ 5.

```
10.5 + (20 - 18)/14 × 5 = 11.21
```

Àṣìṣe yẹn náà ló sọ máàkì tó wọ́pọ̀ jù di 12 lọ́wọ́ mi, 11.75 ni. Kò kan ìpíndọ́gba, torí àárín ọ̀wọ́ (3, 8, 13, 18) la fi ń ṣe é: 440 pín sí 40 jẹ́ 11.

Àǹtí alágbàdo tí ẹ béèrè nípa ìwọ̀n àpò àgbàdo yín, tiyín yàtọ̀. Kílò 40 sí 50 àti 50 sí 60 ti fara kanra, ẹ má yọ 0.5 kankan. Àbúrò tó ní kí n lo 20.5 dípò 20, ìyẹn dára bí a bá to máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀wọ́, ìdajì 40 la ń lò.

Ṣé kí ọmọ kọ 11.75, àbí kó dárúkọ ọ̀wọ́ 11–15 nìkan? Ẹnu ò tíì kò lórí ìyẹn. Màá bi olùkọ́ rẹ̀.