Ìgbà wo ló yẹ kí n kọ̀wé sí olùbánisọ̀rọ̀ àpérò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń lọ sí àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Mo ti bá ẹni mẹ́rin fi àdéhùn ogún ìṣẹ́jú sí àkókò ìsinmi. Olùbánisọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ká mi lára jù.

Ní èṣí, mo dúró de ẹnì kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èrò yí i ká, ó ṣì ń tú wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹni tó kàn sì ti ń gun pèpéle. Orúkọ mi nìkan ni mo rí sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ní àpérò rí, ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ṣé ẹ máa ń ráyè kà á? Ṣé kí n tún kọ̀wé sí olùbánisọ̀rọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ tó bá sọ̀rọ̀, àbí kí n dúró kó délé?