Rìsíìtì owó tí mo fi ránṣẹ́: èló gan-an ni wọ́n gbà?

Àjàdí: Ẹ jọ̀ọ́, mo fi dọ́là ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ná yúrò. Rìsíìtì kọ Transfer Amount 200, Transfer Fees 5, Total 205, Exchange Rate 0.90, Total to Recipient 180. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi?

Ìyádùnní: Dọ́là 5 yẹn náà ni. Ibi tí wọn kì í ti gba owó iṣẹ́ rárá ni kí ẹ máa lò.

Arówóṣírò: Ìdajì rẹ̀ lẹ rí, ẹ̀gbọ́n. Dọ́là 5 ni wọ́n kọ sílẹ̀, èyí tó kù fara pa mọ́ sínú 0.90 yẹn.

Dọ́là kan mú yúrò 0.90 wá, 200 á mú 180 wá. Ó bá ìlà ìsàlẹ̀ mu, wọn kò ṣi ìṣirò. Ẹ wá lọ wo iye tí ọjà àgbáyé ń ṣẹ́ ẹ ní wákàtí tí ẹ sanwó. Ẹ má wo ti ọjọ́ kejì, torí ó ń yí. Ká ní 0.93 ni, 200 ì bá di 186. Yúrò 6 ti wọ àpò wọn, ó sì ń lọ sí dọ́là 6.45. Ẹ ro ó mọ́ 5, ó di 11.45.

Ká wá ní ibòmíràn kò gba owó iṣẹ́ rárá, àmọ́ 0.87 ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ. Dọ́là 205 kan náà á di yúrò 178.35 péré, kò tó 180 ti àkọ́kọ́. Ohun tó jáde lápò yín àti ohun tó dọ́wọ́ ẹni tó gbà á ni kí ẹ máa fi wé ara wọn.

Ìyádùnní: Háà, ó yé mi wàyí.

Mogbádé: Tèmi, 180 ló wà lórí rìsíìtì, 172 ni wọ́n rí ní báǹkì. Ṣé ilé-iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ ló jí i?

Arówóṣírò: Ẹ má tíì pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ìlà Other Fees wà níbẹ̀, tàbí gbólóhùn kékeré tó ní báǹkì ẹni tó ń gbà á lè gé nínú rẹ̀. Kí ẹni náà wá fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ hàn yín. Tí 180 bá wọlé, tí 8 sì jáde lẹ́yìn rẹ̀, báǹkì tirẹ̀ ló gé e. Tó bá jẹ́ 172 ló wọlé, wọ́n ti gé e kó tó wọlé: ó lè jẹ́ báǹkì kan tó wà láàárín ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ báǹkì tirẹ̀ náà.

Mogbádé: 172 ló wọlé.

Arówóṣírò: Ẹ mú nọ́ńbà ìdúnàádúrà orí rìsíìtì lọ bá àwọn tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n tọ ipa owó náà. Wọ́n lè dá a padà, wọ́n sì lè kọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sórí rìsíìtì yẹn ló máa sọ ọ́.