Àpapọ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta kò bá ti ọdún mu: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àkọ̀wé Tuntun: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń yẹ ìjábọ̀ ọdún wò kó tó lọ fún títẹ̀. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ka gbogbo owó inú rẹ̀. Níbi owó tó wọlé, abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,204, 1,187, 1,231 àti 1,204. Mo rò ó pọ̀, ó di 4,826, ṣùgbọ́n 4,827 ló wà lójú ewé àkópọ̀. Níbi owó ọkọ̀, 512, 498, 361 àti 529 di 1,900. Àkópọ̀ ní 2,170. Ṣé àṣìṣe kan náà ló fa méjèèjì?

Afọwọ́kà: Ìyàtọ̀ 1 yẹn kì í ṣe nǹkan. Ìdá wà nínú síítì tí a kò rí. Èyí tí kò bá ti tó 5, ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá Ìwé Owó: Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdá, àmọ́ 5 ti pọ̀ jù. Ká ní iye gan-an jẹ́ 1,204.3, 1,187.4, 1,231.2 àti 1,204.4: àpapọ̀ wọn ni 4,827.3, òun ni àkópọ̀ ṣe kọ 4,827. Odidi kan kò lè fi ju ìdajì lọ yà kúrò lára iye tó ti wá. Abala mẹ́rin pẹ̀lú àpapọ̀ jẹ́ márùn-ún, ìdajì márùn-ún sì jẹ́ 2.5. Ìyàtọ̀ 1 tàbí 2 lè jẹ́ ti ìdá. Tó bá ti di 3, àṣìṣe ni kí ẹ wá. Tẹ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà nínú síítì, níbi tí F5 jẹ́ àpapọ̀ ọdún:

```
=SUM(B5:E5)-F5
```

Tí F5 bá jẹ́ odidi tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀, èsì lè tó ìdajì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ọkọ̀ yàtọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270, ó sì ṣe é fi 9 pín láìṣẹ́kù. Irú èyí sábà máa ń wá látinú nọ́ńbà méjì tó gba ipò ara wọn. Bí 361 bá jẹ́ 631 ni, 270 náà nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀rí o, ìlà tó sọnù náà lè fa á. Lọ wo ìwé abala kẹta.

Ọmọ Ọ́fíìsì: Tèmi náà kò bá ara mu. Iye òṣìṣẹ́ ní ìparí abala kọ̀ọ̀kan: 40, 42, 41, 43. Àkópọ̀ kọ 43, èmi ní 166.

Ìyá Ìwé Owó: Ìyẹn kì í ṣe ohun à ń rò pọ̀, àbúrò. Ti ìparí ọdún ni wọ́n mú, 43 tọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tó kù ní báńkì.

Àkọ̀wé Tuntun: Ẹ ṣé, mà. 631 ló wà nínú ìwé abala kẹta lóòótọ́. Ti 1 yẹn ńkọ́? Ṣé kí n fi kún abala tó tóbi jù?

Afọwọ́kà: Fi kún 1,231, kó di 1,232. Òǹkàwé kò ní bínú.

Ìyá Ìwé Owó: Èmi kò ní ṣe é. 1,231.2 kò di 1,232 láéláé. Kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé nọ́ńbà lè má bá ara mu nítorí ìdá tí a gé.

Afọwọ́kà: Tí ọ̀gá bá ní òun kò fẹ́ àlàyé sísàlẹ̀ ìwé ńkọ́?